Ẹni Tó Ń Lànà Kì Í Mọ̀ Pé Ẹ̀yìn Òun Wọ́: Bí A Ṣe Lè Yẹ Ìjábọ̀ Akẹgbẹ́ Wò Láìba Àjọṣe Jẹ́

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ pápá àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìlọrin)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́, mo kí yín kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Ọ̀fà, láti Òmù-Àrán, láti Ìgbàjà àti láti Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹ kú ọ̀nà o. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlọrin níbí, tí ẹ gbà wá lálejò, ẹ kú ilé. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a bá ara wa jókòó ní àlàáfíà, kí a sì tú ká ní àlàáfíà.

Nígbà tí àwọn tó pè mí sọ fún mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè tọ́ka sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìjábọ̀ ẹlòmíràn, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, ta ni ẹlòmíràn yìí? Ṣé ọmọ iṣẹ́ ni, tàbí ọ̀gá? Wọ́n ní rárá, akẹgbẹ́ ni, ẹni tí ipò wa àti tirẹ̀ jọ dọ́gba. Mo ní ó dára, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ nìyẹn. Bí ọ̀gá bá ní kí o tún ìjábọ̀ kọ, wàá tún un kọ, inú rẹ ìbáà dùn, inú rẹ ìbáà má dùn. Akẹgbẹ́ kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ẹni tó kọ ìjábọ̀ náà fẹ́ gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí onítọ̀hún kò bá fẹ́ gbọ́ ọ mọ́, iṣẹ́ ti parí, bó ti wù kí ohun tí o rí jẹ́ òtítọ́ tó.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo òwe yìí dáadáa, nítorí òun ni màá máa padà sí. Ṣé ojú ẹni tó ń lànà ló fọ́ ni? Rárá. Ṣé kò mọ iṣẹ́ ni? Rárá. Iwájú ló ń wò, igbó ló ń ṣán, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí ibi tó wọ́. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí i nítorí ibi tó dúró sí, kì í ṣe nítorí pé ó gbọ́n jù. Bí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá rántí èyí, ohùn tí yóò fi sọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀.

Ohun tí mo ṣe tí kò dára

N óò kọ́kọ́ sọ ti ara mi fún yín. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ọ́fíìsì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, akẹgbẹ́ mi kan fún mi ní ìjábọ̀ ojú ìwé 14 pé kí n bá òun kà á kí òun tó gbé e fún ọ̀gá. Inú mi dùn pé ó fọkàn tán mi. Mo mú un lọ sílé, mo jókòó tì í di òru, mo mú bírò pupa. Gbogbo ibi tí àmì ohùn kò ti pé, mo fa igi sí i. Gbogbo gbólóhùn tí n kò bá ní kọ bẹ́ẹ̀, mo kọ tèmi sórí rẹ̀. Nígbà tí mo parí, mo ka àmì pupa tó wà níbẹ̀, wọ́n jẹ́ 61. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e sórí tábìlì rẹ̀ níwájú àwọn méjì mìíràn, mo ní, “Gbà, mo ti bá ọ tún un ṣe.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Yorùbá ni wá, a kì í ṣàìdúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó tún àwọn àmì ohùn ṣe, ó gbé ìjábọ̀ náà fún ọ̀gá, àṣìṣe kan ṣoṣo tó léwu nínú rẹ̀ sì wà níbẹ̀ gbọnin: àpapọ̀ owó tó wà nínú àtẹ kò bá èyí tó wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́ mu. Mo ti rí àṣìṣe yẹn o! Mo ti fa igi sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ló jẹ́ nínú àmì 61, ó wà láàárín àmì ohùn méjì, kò sì sí ohun tó fi hàn pé ó ju àwọn yòókù lọ. Ọ̀gá ló rí i, níwájú gbogbo ènìyàn. Fún nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn ìgbà náà, akẹgbẹ́ mi yìí kò tún fún mi ní ohunkóhun kà mọ́.

Kí ni mo ṣe tí kò tọ́? Ohun mẹ́ta ni. Mo wọn àṣìṣe ńlá àti àṣìṣe kékeré lórí òṣùwọ̀n kan náà. Mo gba bírò lọ́wọ́ ẹni tó ni iṣẹ́. Mo sì ṣe é ní gbangba. Ẹ̀kẹta yìí ni gbogbo ènìyàn tètè máa ń rí, ṣùgbọ́n méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n ba iṣẹ́ náà jẹ́ ní ti gidi.

Ní ọdún 1996, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ènìyàn méjì, Kluger àti DeNisi, kó àbájáde ìwádìí tó pọ̀ gan-an jọ lórí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ ènìyàn lẹ́yìn tí a bá ti sọ fún un bí ó ṣe ṣe é sí. Wọ́n rí i pé, bí a bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ń ran ènìyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn àbájáde náà lọ, iṣẹ́ onítọ̀hún tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé bí ọ̀rọ̀ tí a sọ bá ṣe ń fa ọkàn ènìyàn kúrò lórí iṣẹ́, tí ó ń fà á lọ sórí ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dín kù. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ìwé tó kún fún bírò pupa yẹn ló wá sí mi lọ́kàn. Akẹgbẹ́ mi kò rí iṣẹ́ nínú rẹ̀ mọ́. Ara rẹ̀ ló ń rí.

Kí ẹnu tó ya: kíkà àti yíyà sọ́tọ̀

Mo fẹ́ fi ìjábọ̀ mìíràn ṣe àpẹẹrẹ fún yín, kí ọ̀rọ̀ mi má baà rìn lójú òfuurufú. Ẹ̀gbọ́n kan ló kọ ọ́. Ipò wa dọ́gba ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ó jù mí lọ ní ọjọ́ orí, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí n tó dé. Ẹ rí i pé lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó jẹ́ akẹgbẹ́ nínú ìwé lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n níta, a ò sì lè fi ẹnu ìwé bá a sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tó ṣe ni pé ó lọ yẹ àwọn ẹ̀rọ omi tí a ń fọwọ́ fà wò, àwọn tó wà lórí kànga ẹ̀rọ tí a ń pè ní bóhòòlù, ní abúlé 40 ní agbègbè kan ní gúúsù Kwara. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fún abúlé kọ̀ọ̀kan. Ó lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Kí n tó ṣí ìwé náà, mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ibo ni ẹ fẹ́ kí n wò jù? Ìgbà wo ni ẹ fẹ́ gbé e lọ?” Ìbéèrè yìí kéré, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ ńlá. Ó fi hàn pé iṣẹ́ náà kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jẹ́ kí n mọ ohun tí àkókò gbà. Ẹ̀yin ará Ìlọrin tí ẹ mọ iṣẹ́ òfì, okùn tó bá já nígbà tí aṣọ ṣì wà lórí òfì, ahunṣọ á so ó, á sì máa hun lọ. Bí aṣọ bá ti kúrò lórí òfì, tí wọ́n ti rán an, tí olówó ti wọ̀ ọ́ lọ sí ibi ìyàwó, ẹni tó ń tọ́ka sí okùn tó já kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Ọjọ́ mẹ́ta tó láti tún ìpìlẹ̀ ìjábọ̀ ṣe. Ká ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni, ohun tí n bá wò kò ní ju ìṣirò àti àbá lọ.

Mo ka ìjábọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní kíkà àkọ́kọ́, n kò mú bírò dání rárá. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí ọ̀gá, ẹni tí kò lọ sí pápá, yóò rò pé kí òun ṣe lẹ́yìn tó bá kà á tán. Ní kíkà kejì ni mo tó kọ nǹkan, orí ìwé tèmi ni mo sì kọ ọ́ sí, kì í ṣe orí tirẹ̀. Lẹ́yìn náà mo pín ohun tí mo kọ sí agbọ̀n mẹ́ta. Agbọ̀n kìíní ni ohun tó lè mú kí òǹkàwé ṣe ìpinnu tí kò tọ́. Ìkejì ni ohun tó lè mú kí òǹkàwé sọnù lójú ọ̀nà. Ìkẹta ni ohun tí èmi kò bá kọ bẹ́ẹ̀ ká ní èmi ni.

Agbọ̀n kẹta ni ó máa ń kún jù. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn láti máa kọ “nígbà tí ó jẹ́ wí pé” ní gbogbo ìpínrọ̀, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbẹ́ kànga síbi tí kò yẹ nítorí “nígbà tí ó jẹ́ wí pé”? Kò sí. Mo da gbogbo agbọ̀n kẹta nù, n kò mẹ́nu kan ẹyọ kan nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ní kí ni ó burú níbẹ̀ kí a sọ ọ́ pẹ̀lú. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ohun tí a bá sọ nípa ọwọ́ ìkọ̀wé ènìyàn, ara rẹ̀ ni ó máa ń dé, ó sì máa ń bo agbọ̀n kìíní mọ́lẹ̀, bí ó ṣe bo àpapọ̀ owó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Kí ni ó wà nínú agbọ̀n kìíní? Ohun méjì péré. Àkọ́kọ́, ìjábọ̀ náà kọ ọ́ pé “ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ̀rọ náà ni kò ṣiṣẹ́.” Ṣùgbọ́n àtẹ rẹ̀ fi hàn pé 23 ń ṣiṣẹ́, 17 kò ṣiṣẹ́. Nínú 40, 17 kọ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ. Èyí rọrùn láti tún ṣe. Ìkejì ni ó jinlẹ̀. Gbogbo 17 náà wà lábẹ́ àkọlé kan ṣoṣo, “kò ṣiṣẹ́,” ìjábọ̀ sì parí sí pé kí ìjọba tètè pèsè omi fún abúlé 17. Nígbà tí mo ṣí àkọsílẹ̀ abúlé kọ̀ọ̀kan tó so mọ́ ẹ̀yìn ìjábọ̀, ohun mìíràn ni mo rí. Ní abúlé 9, nǹkan ló bàjẹ́ lára ẹ̀rọ: rọ́bà inú sílíńdà tó ń fa omi nísàlẹ̀ kànga ti jẹ, tàbí ṣéènì ọwọ́ ẹ̀rọ ti já, tàbí páìpù tó ń gbé omi gòkè ti lu. Ní abúlé 5, ẹ̀rọ kò ní àrùn, omi ni kò sí. Ní abúlé 3 tó kù, ẹ̀rọ dára, omi wà, ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé ti ti àgádágodo mọ́ ọn nítorí ìjà lórí owó ìtọ́jú.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí rọ́bà rẹ̀ jẹ, atún-ẹ̀rọ-ṣe kan pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀ lè tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Kànga tó gbẹ, kò sí rọ́bà tó lè mú omi jáde níbẹ̀. Èyí tí wọ́n tì pa, ìpàdé ni yóò ṣí i. Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, owó mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ọ̀gá tó bá ka àkọlé yẹn nìkan yóò rò pé kànga tuntun 17 ni ó yẹ kí a gbẹ́. Ẹ̀gbọ́n kò purọ́ o. Gbogbo òtítọ́ wà nínú ẹ̀yìn ìjábọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wọ́, ó sì ń wo iwájú.

Ojú lọ̀rọ̀ wà

Ibo ni mo ti sọ ọ́ fún un? Èmi ni mo lọ bá a ní ìdí tábìlì tirẹ̀, n kò pè é wá sí ìdí tèmi. Mo dúró kí àwọn tí wọ́n jọ wà nínú yàrá jáde lọ jẹun. N kò ṣe é ní ọjọ́ Jímọ̀ nígbà tí ó ń múra ìrun, tí ọkàn rẹ̀ ti wà ní mọ́sálásí. N kò sì fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Mo mọ̀ pé Wasáàpù yá, ṣùgbọ́n kò ní ojú, kò ní ohùn. Bí o bá kọ “ẹ tún ojú ìwé 6 wò” síbẹ̀, ìwọ rò pé o ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹni tó kà á lè gbọ́ ọ bí àṣẹ. Èyí tó tún burú jù ni kí o fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Wasáàpù ọ́fíìsì, tàbí kí o fi ọ̀gá kún àwọn tí yóò rí ímeèlì náà. O ti kúrò ní akẹgbẹ́ lójú ẹsẹ̀, o ti di ẹni tó ń rojọ́.

Bí a ṣe sọ ọ́ nìyí, bí mo ṣe rántí rẹ̀.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà ọ̀nà. Mo ti kà á. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù alábòójútó ẹ̀rọ ní abúlé kọ̀ọ̀kan tí ẹ kọ síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́, torí òun ni atún-ẹ̀rọ-ṣe yóò kọ́kọ́ wá. Ibì kan wà ní ojú ìwé 6 tí mo fẹ́ kí ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ẹ kọ 17 sí abẹ́ ‘kò ṣiṣẹ́.’ Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn ìwé, mo rí 9 tó bàjẹ́, 5 tí kò ní omi, 3 tí wọ́n tì. Bí ọ̀gá bá ka ojú ìwé 6 nìkan, kí ni ẹ rò pé yóò ṣe?”

Ẹ̀gbọ́n dákẹ́. Ó ṣí ìwé. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ṣé o mọ̀ pé mo ti ń ka ẹ̀rọ omi kí o tó wọ iṣẹ́ yìí?”

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń ṣubú. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè mi, ìrora ni. Bí mo bá jà á níyàn, ìjà ọjọ́ orí ni a ó jà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ojú ìwé 6 yóò sì wà bí ó ṣe wà. Mo ní, “Mo mọ̀, sà. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá bi yín, torí ẹ̀yin ni ẹ dé ibẹ̀, èmi ò dé ibẹ̀.” Mo sì dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́ lẹ́yìn ìbéèrè. Ó nira gan-an, ẹnu máa ń yún ènìyàn láti fi kún un.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, “Mẹ́ta tí wọ́n tì yẹn, òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ baálẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n 5 tó gbẹ yẹn, o kò lè kó wọn pọ̀ bí o ṣe kó wọn yẹn. Méjì nínú wọn, àwọn obìnrin abúlé sọ fún mi pé títí tí òjò fi ń rọ̀ pàápàá, omi kò wá. Mẹ́ta ni ó jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀rùn.”

Ẹ gbọ́ o! Èmi tí mo rò pé mo ti rí ibi tó wọ́, ibi kan wà tí èmi náà kò rí. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ yìí kò sí nínú àkọsílẹ̀ rárá, orí rẹ̀ ló wà. Ká ní mo ti kọ “agbọ̀n mẹ́ta: 9, 5, 3” fún un gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe, ó ṣeé ṣe kí ó fi ìbínú gbà á bẹ́ẹ̀, a ó sì fi àṣìṣe tèmi rọ́pò tirẹ̀. Kànga tó ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan, ó lè jẹ́ pé omi abẹ́ ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ju ibi tí sílíńdà wà lọ. Bí ihò náà bá jìn tó, wọ́n lè fi páìpù kún un kí sílíńdà lọ bá omi nísàlẹ̀. Èyí tí kò ní omi nígbà òjò pàápàá, ibòmíràn ni a ó wá omi lọ. Ìyàtọ̀ owó méjèèjì yìí kì í ṣe kékeré.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé ìbéèrè kì í ṣe ọgbọ́n láti fi ẹ̀jẹ̀ sínú kí a tutọ́ funfun jáde. Bí o bá ti mọ ìdáhùn tán tí o kàn ń dọ́gbọ́n béèrè, ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀ yóò mọ̀. Béèrè ohun tí o kò mọ̀ ní tòótọ́, ó sì dájú pé ohun kan wà tí ẹni tó dé pápá mọ̀ tí ìwọ kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ nípa ìyìn

Àwọn kan máa ń kọ́ni pé kí a fi ìyìn ṣíwájú, kí a ti àbùkù sáàárín, kí a tún fi ìyìn dé e lẹ́yìn, bí ẹni fi àkàrà sínú búrẹ́dì. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ti rí ni pé ẹni tí inú rẹ̀ tètè máa ń dùn yóò jẹ búrẹ́dì, yóò sì fi àkàrà sílẹ̀, yóò lọ pẹ̀lú èrò pé ìjábọ̀ òun dára. Ẹni tó fura yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara jọ ní gbogbo ìgbà tí o bá yìn ín, nítorí ó ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìyìn wá di àmì ibi.

Ẹ wo ohun tí mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n nípa nọ́ńbà fóònù. N kò sọ pé “ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, ìjábọ̀ yín rẹwà.” Mo sọ ohun kan pàtó tí kò gbọdọ̀ yọ, mo sì sọ ìdí. Ó wúlò fún un bí ọ̀rọ̀ ojú ìwé 6 ṣe wúlò, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ènìyàn máa ń tún ibi tó bàjẹ́ ṣe tí á sì ba ibi tó dára jẹ́ pọ̀ mọ́ ọn. Bí o kò bá rí ohun pàtó yìn, má yin nǹkan kan. Kí o kí i kú iṣẹ́, bí a ṣe ń kí ara wa, kí o sì wọ inú ọ̀rọ̀.

Bírò ta ni?

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin tí ẹ ń lo `Track Changes` mọ̀ pé ènìyàn lè wọ inú iṣẹ́ ẹlòmíràn kí ó máa tún un kọ, kí àwọ̀ pupa sì máa yọ. Lójú tèmi, bírò pupa ni, kò yàtọ̀. Àwọn àtúnṣe tí kò ní àríyànjiyàn nìkan ni mo máa ń ṣe níbẹ̀, bíi nọ́ńbà tí a tẹ̀ lódì, bí ẹni tó ni ín bá sì ti gbà mí láyè. Ohun tó kù, ẹ̀gbẹ́ ìwé ni mo ń kọ ọ́ sí lábẹ́ `Comment`, mo sì máa ń kọ nǹkan mẹ́ta síbẹ̀: ibi tí mo kà, ohun tí mo rò pé ó túmọ̀ sí nígbà tí mo kà á, àti ìbéèrè mi. Fún àpẹẹrẹ: “Ojú ìwé 1, ìlà 4, ‘ọ̀pọ̀ jù lọ.’ Mo rò pé ó ju ìdajì lọ, ṣùgbọ́n àtẹ ní 17 nínú 40. Èwo ni kí òǹkàwé mú?” Kò sí “ẹ ṣe àṣìṣe” níbẹ̀. Kò sí “ẹ ò fara balẹ̀.” Ohun tí òǹkàwé rí nìkan ni ó wà níbẹ̀.

Kò sì di dandan kí ó gba ohun tí mo sọ. Nínú agbọ̀n kejì, mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé ìtàn bí a ṣe dé abúlé kọ̀ọ̀kan gùn, ó lè lọ sí ẹ̀yìn. Ó kọ̀. Ó ní ọ̀nà tí ọkọ̀ atún-ẹ̀rọ-ṣe kò lè gbà wà nínú ìtàn náà. Mo ní ó dára. N kò tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́yìn tí ìjábọ̀ bá ti lọ, ẹnu mi ti pa dé. Bí ọ̀gá bá yin ìjábọ̀ náà, n kò ní sọ ní ibi oúnjẹ pé “èmi ni mo rí ibi tó yẹ kí wọ́n tún ṣe.” Gbólóhùn kan péré bẹ́ẹ̀ lè ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́.

Ibi tí èyí kò dé

N kò fẹ́ tàn yín. Irú ìjábọ̀ kan wà tí ọ̀nà yìí nìkan kò tó fún, èyíinì ni ìjábọ̀ tí o fura pé wọ́n kàn jókòó kọ ọ́ ni. Báwo ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n? Wàá rí abúlé 9 tí wọ́n ní àwọn yẹ̀ wò ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tí ìwọ sì mọ̀ pé ọ̀nà wọn kò jọra, ọjọ́ kan kì í sì í gùn tó bẹ́ẹ̀. Wàá rí i pé gbogbo nọ́ńbà parí sí 0 tàbí 5. Wàá rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ pé ẹnu baálẹ̀ mẹ́rin ti jáde.

Níbẹ̀ náà, lọ bá a ní ìkọ̀kọ̀ kí o kọ́kọ́ béèrè, nítorí ó lè jẹ́ pé ènìyàn méjì ló pín abúlé ṣe, ọjọ́ tí wọ́n kó ìwé jọ ni wọ́n sì kọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá ní àlàyé, má ṣe bá a tún un ṣe kí ó lè dà bí òtítọ́. Sọ fún un lójú rẹ̀ pé, “N kò lè sọ pé mo ti yẹ èyí wò. Ẹ jẹ́ kí a sọ fún ọ̀gá pé a nílò ọ̀sẹ̀ kan sí i láti padà lọ.” Fún un láyè láti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá ọ̀gá. Bí ó bá kọ̀, sọ fún un pé ìwọ yóò lọ, kí o tó lọ. Àjọṣe lè bàjẹ́ níbẹ̀, mo mọ̀. Àwọn tó ń pọn omi nínú odò ní abúlé tí wọ́n kọ “ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́” sí náà ní ẹ̀tọ́ lórí ìjábọ̀ yẹn.

Kí n tó jókòó, ẹ ó fẹ́ mọ bí ti Ẹ̀gbọ́n ṣe parí. Ìjábọ̀ tó gbé fún ọ̀gá ní òpó mẹ́rin dípò ẹyọ kan: 9 tí atún-ẹ̀rọ-ṣe yóò lọ bá, 3 tó ń gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn tí a ó wọn ìjìn wọn, 2 tí a ó wá omi sí ibòmíràn fún, àti 3 tí a ó bá baálẹ̀ ṣe ìpàdé lé lórí. “Nígbà tí ó jẹ́ wí pé” ṣì wà nínú gbogbo ìpínrọ̀. Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó wá dúró ní ìdí tábìlì mi pẹ̀lú ìwé mìíràn lọ́wọ́, ó ní, “Àbúrò, ojú ìwé 4 nìkan ni kí o bá mi wò. Èyí tó kù dá mi lójú.” Mo gba ìwé náà, mo sì ka ojú ìwé 4 nìkan.

Ẹ ṣeun. Ẹ wá bi mí ní ìbéèrè.